Raspberry Pi ni mo fẹ́ fi máa tan sùmó, ọ̀rẹ́ mi ní maikirokọ́ntúrólà ni kí n lò. Kí ló dé?

Akin_Mọ́níyà

Ẹ káàsán o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo fẹ́ ṣe bọ́ọ̀dù tó máa máa wo omi inú tánkì òkè, tó bá ti lọ sílẹ̀ kó tan sùmó, tó bá kún kó pa á. Mo ní Raspberry Pi 4 nílé, mo ní kí n lò ó torí òun ló lágbára jù, ọ̀rẹ́ mi wá ń sọ pé maikiroporosẹ́sọ̀ nìyẹn, pé maikirokọ́ntúrólà ni wọ́n ń lò fún irú nǹkan báyìí. Kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an, kí ló sì dé tó jẹ́ èyí tó kéré yẹn ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tà máa ń mú? Mẹ́wàá ni mo fẹ́ ṣe tí èyí bá ṣiṣẹ́, àwọn aráàdúgbò ti ń bèèrè.

Táíwò_Ayárabíàṣá

Ọ̀rọ̀ yẹn ò le. Ìyára ni ìyàtọ̀ wọn. Maikiroporosẹ́sọ̀ ló yára, gígáhẹ́ẹ̀sì ló fi ń sáré, òun ló wà nínú láàpútọ́ọ̀pù. Maikirokọ́ntúrólà ò yára, mẹgáhẹ́ẹ̀sì 16 báyìí, mẹ́mọ́rì ẹ̀ ò sì tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n. Tó o bá ti ní Pi nílẹ̀, lo Pi rẹ jàre, owó tó o ti ná tẹ́lẹ̀ ni.

Bọ̀dá_Wáyà

Ẹ̀yin ọmọ yìí ẹ fẹ́ràn wàhálà. Ẹ ra fílóòtì suwíìṣì, ẹ sọ ọ́ sínú tánkì, ẹ so wáyà ẹ̀ mọ́ kọntákítọ̀ sùmó, ó tán. Omi lọ sílẹ̀, fílóòtì wálẹ̀, sùmó tan. Omi kún, fílóòtì gòkè, sùmó kú. Kò sí porosẹ́sọ̀ kankan ńbẹ̀. Àwọn tí mo so sílẹ̀ láti ọdún gbọọrọ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Akin_Mọ́níyà

Bọ̀dá ẹ ṣé o, àmọ́ kànga tiwa máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, sùmó á máa yí láìsí omi. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé òun ti ń fà láti ìgbà yìí tí omi tánkì ò gòkè, kó pa ara ẹ̀, kó sinmi díẹ̀ kó tó tún gbìyànjú. Tí Nẹ́pà bá tún ń ṣẹ́jú, tó ń mú un wá tó ń mú un lọ, mi ò fẹ́ kí sùmó máa tan léraléra. Fílóòtì ò lè ṣe ìyẹn.

Ọ̀gá_Sódà

Táíwò, ìyára kọ́ o. Z80 tí Zilog gbé jáde ní 1976, mẹgáhẹ́ẹ̀sì 2.5 ló fi ń sáré nígbà tó kọ́kọ́ dé, maikiroporosẹ́sọ̀ sì ni. NXP ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní i.MX RT1060, 600 ni tiẹ̀, orúkọ maikirokọ́ntúrólà ni wọ́n sì fi ń tà á. Tó bá jẹ́ ìyára la fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ ti pàṣípààrọ̀ orúkọ fún àwọn méjèèjì nìyẹn.

Ohun tó wà nínú ṣíìpù náà lẹ máa wò, àti ohun tó kù síta. Tó o bá ra Z80 nìkan ṣoṣo wálé, kò lè ṣe nǹkan kan fún ọ. Kò síbi tí kóòdù máa gbé nínú ẹ̀, kò ní ráàmù, kò ní ẹsẹ̀ kankan tó o lè so mọ́ rílé tàbí sẹ́nsọ̀ lọ tààrà. Wàá ra rọ́ọ̀mù, wàá ra ráàmù, wàá ra ṣíìpù míì tó máa jẹ́ ẹsẹ̀ fún un, wàá ṣe aago tí yóò máa lù fún un, wàá wá fi wáyà àdírẹ́ẹ̀sì 16 àti wáyà dátà 8 so gbogbo wọn mọ́ra. Bí alásè tó mọ iṣẹ́ dáadáa ló rí, àmọ́ kò gbé ìkòkò wá, kò gbé ààrò wá, ìwọ lo máa wá gbogbo ẹ̀ kalẹ̀.

Wá mú ATmega328P, èyí tó wà lórí Arduino Uno. Ẹsẹ̀ 28 ló ní. Fíláṣì tí kóòdù ń gbé wà nínú ẹ̀, kilobáìtì 32, ráàmù wà nínú ẹ̀, kilobáìtì 2, EEPROM wà tó ń rántí nǹkan tí iná bá lọ, kilobáìtì 1, tàímà mẹ́ta wà ńbẹ̀, ohun tó ń ka fóòtì wà ńbẹ̀, kódà aago tiẹ̀ tó ń lù ní mẹgáhẹ́ẹ̀sì 8 wà nínú ẹ̀. Fún un ní fóòtì 5, fi kápásítọ̀ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ iná ẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Pi 4 tìrẹ, gbé e síwájú kó o wò ó. Porosẹ́sọ̀ wà lábẹ́ irin yẹn, ráàmù jẹ́ ṣíìpù dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ṣíìpù tó ń pín iná fún wọn wà lọ́tọ̀, kóòdù rẹ sì wà lórí káàdì SD. Ìdílé kan náà ni pẹ̀lú Z80, wọ́n kàn ti bá ọ so ó tán ni.

Akin_Mọ́níyà

Ó ti yé mi. Àmọ́ ọ̀gá, tí wọ́n bá ti bá mi so ó tán, kí ló wá kàn mí? Mo kàn fẹ́ kọ kóòdù ni, Páítọ́ọ̀nù ni mo sì mọ̀.

Ọ̀gá_Sódà

Ó kàn ọ́. Ẹ jẹ́ ká mú sẹ́nsọ̀ yẹn nìkan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé JSN-SR04T lo máa lò, èyí tí omi ò lè bà jẹ́. Ó máa ń ju ìró tí etí wa ò gbọ́ sórí omi, ìró náà á lu omi á padà, ìwọ á wá ka àsìkò tó fi lọ tó fi bọ̀. Ìró máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín sẹ́kọ́ńdù kan, tó o bá ṣe ìṣirò ẹ̀, sẹ̀ǹtímítà kan, àlọ àtàbọ̀, jẹ́ máíkírósẹ́kọ́ńdù 58.

Lórí Pi, kóòdù rẹ ò dá gbé. Línúùsì ló ń pín porosẹ́sọ̀ fún gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń bèèrè tiẹ̀, káàdì ń bèèrè tiẹ̀, bó bá wá ṣe pé ìgbà tí ìró ń padà bọ̀ gan-an ni Línúùsì sọ fún kóòdù rẹ pé kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún mílísẹ́kọ́ńdù kan péré, o ti fi sẹ̀ǹtímítà 17 ṣi omi kà nìyẹn. Wàá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, omi inú tánkì ò mira, nọ́ńbà á máa fò bíi tata. Ṣe bó ṣe wá fẹ́ẹ́ kún tó ṣi í kà pé ó kù díẹ̀, ó di kí omi máa dà sórí páànù aládùúgbò.

Lórí ATmega kóòdù tìrẹ nìkan ló wà ńbẹ̀. Ẹsẹ̀ kan tiẹ̀ wà tí wọ́n ń pè ní ICP1, pin 8 ni lórí Uno. Bí ìró bá ti dé ẹsẹ̀ yẹn, tàímà fúnra ẹ̀ á kọ nọ́ńbà àsìkò sílẹ̀, kò ní dúró de kóòdù rárá, ohun yòówù kí kóòdù máa ṣe lọ́wọ́. Ìdajì máíkírósẹ́kọ́ńdù ló lè kà tó o bá ní kí tàímà pín mẹgáhẹ́ẹ̀sì 16 sí ọ̀nà 8.

Ohun kan tún nìyí, kó má lọ jó: tó o bá fún sẹ́nsọ̀ yẹn ní fóòtì 5, fóòtì 5 ló máa fi dá ọ lóhùn, ẹsẹ̀ Pi ò sì gbọdọ̀ gba ju 3.3 lọ. Résístọ̀ méjì lo máa fi pín in kó tó wọlé. Pi ò sì ní ohun tó ń ka fóòtì rárá, tó o bá fẹ́ lo sẹ́nsọ̀ tó ń fi fóòtì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ míì, ṣíìpù míì lo tún máa rà.

Adé_Línúùsì

Ọ̀gá, ẹ má fi Pi ṣe ẹlẹ́yà o. Pigpio wà, láíbírárì kan fún ẹsẹ̀ Pi. Ó ń lo DMA, apá kan nínú ẹ̀rọ tó ń kó dátà láìdúró de porosẹ́sọ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ní gbogbo máíkírósẹ́kọ́ńdù 5, ó sì ń kọ àsìkò sí i, Línúùsì ì báà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́ńbà ti wà nílẹ̀. Mo ti fi ka sẹ́nsọ̀ bẹ́ẹ̀, kò fò.

Ọ̀gá_Sódà

Òótọ́ lo sọ, lórí Pi 4 ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lórí Pi 5 kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n ti kó àwọn ẹsẹ̀ yẹn lọ sí abẹ́ ṣíìpù míì. Ṣùgbọ́n wo ohun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe: o ní káwọn nǹkan kan nínú ẹ̀rọ máa ka àsìkò láìdúró de kóòdù. Ohun tí tàímà inú ATmega ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láìsí gígáhẹ́ẹ̀sì kankan nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Adé_Línúùsì

Mo gbà pé ó gùn díẹ̀. Mi ò gbà pé kò ṣeé ṣe.

Kọ́lá_Ínfátà

Ẹ ti gbàgbé Nẹ́pà ni? Akin, báwo lo ṣe máa pa Pi? Pi ò fẹ́ kí wọ́n já iná mọ́ òun lẹ́nu, wọ́n ní kéèyàn kọ́kọ́ sọ fún un kó palẹ̀ mọ́. Tó bá ń kọ nǹkan sórí káàdì lọ́wọ́ tí iná lọ, fáìlì lè dàrú, lọ́jọ́ kan wàá tan án, kò ní dìde. Bí ò bá tiẹ̀ dàrú, tí iná bá dé, yóò tó ìdajì ìṣẹ́jú kó tó dé orí kóòdù rẹ. Ládùúgbò tí iná ń ṣẹ́jú, ó lè máà parí dídìde kó tún tó lọ. ATmega tí ò ní búùtílódà, ìyẹn kóòdù kékeré tó máa ń kọ́kọ́ jí láti gba kóòdù tuntun, kò tó ìdámẹ́wàá sẹ́kọ́ńdù, kóòdù ti ń sáré.

Ẹ wá wo bátìrì. Ká ní o fẹ́ kí bọ́ọ̀dù máa wà láàyè tí kò bá sí iná, kó lè máa fi iná pupa hàn pé omi ti tán. Bátìrì fóòtì 12, ámpù-wákàtí 7, wáàtì-wákàtí 84 nìyẹn, mú ìdajì ẹ̀ kó má baà bà jẹ́, 42. Pi 4 tó jókòó lásán máa ń jẹ bíi wáàtì 3, wákàtí 14 lo rí. Bọ́ọ̀dù ATmega pẹ̀lú 7805 tó ń sọ 12 di 5, fi í sí mílíámpù 20, wáàtì 0.24 nìyẹn, wákàtí 175, ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mi ò tíì ní kó sùn o. Tó o bá kọ kóòdù kó máa sùn kó máa jí, ṣíìpù yẹn fúnra ẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀ sí máíkíróámpù díẹ̀, nígbà yẹn 7805 gan-an ni yóò máa jẹ bátìrì rẹ, torí ó ń fi bíi mílíámpù 5 ṣòfò fúnra ẹ̀, ìwọ á lọ wá régúlétọ̀ míì.

Ìyá_Ẹyin

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń kà á láti àárọ̀, ṣé ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ tí mo fi ń pa ẹyin nìyí? Wọ́n tà á fún mi pé kọ̀ǹpútà ló wà nínú ẹ̀. Ooru ẹ̀, 37.7 ni mo ṣètò ẹ̀ sí, nígbà míì tí iná bá lọ tó dé, mo máa bá nọ́ńbà míì tí mi ò fi síbẹ̀, ó tiẹ̀ sọ 6 nígbà kan. Tí fáànù ńlá yẹn bá sì fẹ́ gbéra, ojú ẹ̀rọ á kú á tún tan. Ẹni tó tà á fún mi ní Nẹ́pà ló fà á, pé kí n ra sitabiláísà. Mo ti rà á, kò yí padà.

Ọ̀gá_Sódà

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìṣòro méjì lẹ ní, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ ṣí pánẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ wáyà iná o, kí ẹnì kan bá yín ka ohun tí wọ́n kọ sórí ṣíìpù tó tóbi jù.

Ìyá_Ẹyin

Ọmọ mi bá mi kà á, ó ní ATMEGA328P-PU.

Ọ̀gá_Sódà

Mo ti fura. Tí iná bá ń lọ, fóòtì 5 inú bọ́ọ̀dù ò kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń rọra wálẹ̀ ni bí kápásítọ̀ ṣe ń tú. Ní mẹgáhẹ́ẹ̀sì 16, ṣíìpù yẹn nílò bíi fóòtì 3.8 kó tó lè ro nǹkan bó ṣe yẹ. Tó bá wà nísàlẹ̀ ìyẹn tí kò tíì kú, ìrànrán ló ń sọ, ó lè fo láti ibì kan nínú kóòdù sí ibòmíì, tó bá wá bọ́ sórí ibi tí kóòdù ti ń kọ nǹkan sínú EEPROM, á kọ ìkọkúkọ sórí 37.7 yín. Sitabiláísà ò lè ṣe nǹkan kan sí i, torí ìgbà tí iná ń lọ pátápátá ló ń ṣẹlẹ̀.

Ohun tó dùn mí nípa ẹ̀ ni pé ìwòsàn ẹ̀ wà nínú ṣíìpù náà. Ó ní ẹ̀ṣọ́ kan tó ń wo fóòtì, tó bá ti sọ̀kalẹ̀ kọjá ibi tẹ́ ẹ sọ, á dá ṣíìpù dúró gbọnyin títí iná á fi padà. Ṣíìpù tó bá jáde láti ilé iṣẹ́, wọ́n pa ẹ̀ṣọ́ yẹn ni. Èyí tí Arduino ti ṣètò, wọ́n fi sí 2.7, ìyẹn sì ti kéré jù fún 16. Ẹni tó bá ní USBasp á kọ èyí:

```
avrdude -c usbasp -p m328p -U efuse:w:0xFC:m
```

Ìyẹn á sọ ọ́ di 4.3. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Kóòdù ò ní yí padà, àmọ́ tí nọ́ńbà ìkọkúkọ bá ti wà níbẹ̀, ẹ máa ní láti tún 37.7 yín ṣètò.

Ti fáànù yẹn yàtọ̀. Kọntákítọ̀ ló ń jó wáyà lẹ́nu tó bá ń já tàbí tó ń mú, iná pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ yẹn ń wọ bọ́ọ̀dù. Kí oníwáyà bá yín fi sọ́nọ́bà, ohun tó ń pa iná pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ yẹn, sí kọ́ìlì kọntákítọ̀, kó sì gbé wáyà fáànù jìnnà sí wáyà sẹ́nsọ̀. Ká tó mọ̀ bóyá ìyẹn tó, mi ò lè sọ látibí.

Ìyá_Ẹyin

Ẹ ṣeun ọmọ mi. Ta ló ń jẹ́ USBasp?

Bọ̀dá_Wáyà

Màmá, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ kóòdù sínú ṣíìpù ni, èyíkéyìí ọmọ yunifásítì tó ń ṣe iná ní àgbègbè yín á ní in. Ti sọ́nọ́bà, ẹ pe oníwáyà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fọwọ́ kan ibi tí 220 wà.

Ṣadé_Káàdì

Ẹ dákun, ṣé irú ìyẹn náà ló fà á tí wọ́n fi ní ká tẹ nọ́ńbà gígùn méjì sínú mítà póòsítì-péèdì... ẹ má bínú, pírípéèdì, lọ́dún 2024? Mítà tèmi kọ̀ káàdì nígbà yẹn títí mo fi tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá_Sódà

Rárá o, maikirokọ́ntúrólà wà nínú mítà lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ kọ́. Òfin STS tí gbogbo mítà yẹn ń tẹ̀lé ló fi bíìtì 24 ka ìṣẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ 1993, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ nọ́ńbà àtijọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bíìtì 24 ò lè ka ju ìṣẹ́jú mílíọ̀nù 16 àti díẹ̀ lọ, ó sì kún ní oṣù kọkànlá 2024. Nọ́ńbà méjì yẹn ló yí kọ́kọ́rọ́ padà kó lè bẹ̀rẹ̀ kíkà tuntun. Ẹni tó ṣe é nígbà náà ní láti ṣún gbogbo ọ̀rọ̀ sínú dígíìtì 20 kan ṣoṣo tí èèyàn máa fọwọ́ tẹ̀, mi ò bá a wí.

Táíwò_Ayárabíàṣá

Ó dáa, ẹ ti yọ ìyára lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀, ẹnì kan sọ fún mi pé àwọn ilé iṣẹ́ kàn ń fi maikirokọ́ntúrólà dín owó kù ni. Tó bá jẹ́ pé porosẹ́sọ̀ pọ́ọ́kú bíi tiẹ̀, ṣé wọn ò ní lò ó?

Ọ̀gá_Sódà

Ká tiẹ̀ ní wọ́n fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Akin fẹ́ ṣe mẹ́wàá, kò lè máa ra Pi mẹ́wàá sínú àpótí, bọ́ọ̀dù tiẹ̀ ló máa yà. Porosẹ́sọ̀ tó ń gbé Línúùsì, abẹ́ ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀ wà, bọ́ọ̀lù kéékèèké ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kò sí áyọ́ọ̀nù sódà tó lè débẹ̀. Ráàmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ yára débi pé àwọn wáyà tó so wọ́n pọ̀ gbọ́dọ̀ gùn bákan náà, díẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi jura lọ, ìdí nìyẹn tí wáyà fi máa ń rí wọ́gọwọ̀gọ lórí irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. Wàá ya bọ́ọ̀dù onípele wáyà mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Fóòtì tó fẹ́ ò jẹ́ ẹyọ kan, ó lè jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dé tẹ̀lé ara wọn bó ṣe fẹ́ ẹ. Tí ọ̀kan ò bá tan nínú mẹ́wàá yẹn, kí lo máa fi mọ ohun tó fà á?

Bọ́ọ̀dù ATmega, ìpele méjì ti tó, ọwọ́ lo fi máa sódà ẹ̀ lórí tábìlì, tó bá bà jẹ́ o máa yọ ṣíìpù nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì o máa ki òmíì bọ̀ ọ́.

Adé_Línúùsì

Níbi yìí mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí Pi ti wúlò. Mo ṣe géètì fún ẹnì kan tó ń fi kámẹ́rà ka nọ́ńbà mọ́tò, ATmega ò lè gbé àwòrán kan ṣoṣo sínú kilobáìtì 2 yẹn. Kódà níbẹ̀, Pi kàn ń wo àwòrán ni, ATmega ló wà lọ́wọ́ mọ́tò géètì, tí Pi bá sùn lọ géètì ò ní há ẹnikẹ́ni mọ́ àárín.

Ọ̀gá_Sódà

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Láàpútọ́ọ̀pù tí Táíwò fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, maikirokọ́ntúrólà kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń wo bọ́tìnnì iná, tó ń bójú tó bátìrì, tó ń darí fáànù, ó wà láàyè kí porosẹ́sọ̀ ńlá yẹn tó jí.

Akin_Mọ́níyà

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ti gbà. ATmega328P ni mo máa lò. Tí kóòdù mi bá há ńkọ́? Sùmó á kàn máa yí lọ.

Ọ̀gá_Sódà

Wọ́ọ̀ṣìdọ́ọ̀gì wà fún ìyẹn. Aago kan ni nínú ṣíìpù tó ń kà á sílẹ̀, tí kóòdù rẹ ò bá fọwọ́ kàn án kí àsìkò tó pé, á tún gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀.

```c
#include <avr/wdt.h>
const int SUMO = 7;

void setup() {
  digitalWrite(SUMO, LOW);
  pinMode(SUMO, OUTPUT);
  wdt_enable(WDTO_2S);
}

void loop() {
  // ka omi, pinnu
  wdt_reset();
}
```

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kó o fi `wdt_reset()` sí, lẹ́yìn tí gbogbo iṣẹ́ bá ti parí. Àwọn kan máa ń wọ́n ọn káàkiri inú kóòdù bí iyọ̀, ó wá di pé kóòdù há sójú kan, ó sì ń fọwọ́ kan aago níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jí i. Má fi `delay()` tó ju sẹ́kọ́ńdù 2 sínú ẹ̀.

Tí Nano àtijọ́ lo bá fi ń dán an wò, ṣọ́ra: búùtílódà tó wà lórí àwọn kan nínú wọn kì í pa aago yẹn nígbà tó bá jí, á máa tún ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, wàá rí iná kékeré yẹn tó ń ṣẹ́jú kíákíá, kò sì ní gba kóòdù tuntun. Búùtílódà míì tí wọ́n ń pè ní Optiboot ni kó o kọ sí i.

Fi résístọ̀ kílóòmù 10 fa ìdí tíránsísítọ̀ rílé sílẹ̀ sí gíráǹdì pẹ̀lú. Tí ṣíìpù bá ń bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì di ohunkóhun mú, láìsí résístọ̀ yẹn rílé lè ta tọ́ọ́.

Bọ̀dá_Wáyà

Ẹ sì fi fílóòtì mi sí i. Kì í ṣe pé kó máa darí nǹkan kan o, ẹ so ó sójú wáyà kọ́ìlì kọntákítọ̀ kan náà tí rílé yín wà, kí iná gba rílé kọjá kó tún gba fílóòtì kọjá kó tó dé kọ́ìlì, kó wà lókè pátápátá nínú tánkì. Ìwọ ATmega ń sọ pé tan, tí omi bá ti dé ọ̀dọ̀ fílóòtì, ó já nìyẹn, kò sí ẹjọ́. Rílé tó bá lẹ̀ pọ̀, wọ́ọ̀ṣìdọ́ọ̀gì ò lè yà á.

Ọ̀gá_Sódà

Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Akin, ṣe bí wọ́n ṣe wí.

Ọmọ_Píkò

Mo pẹ́ kí n tó dé. Kí ló dé tẹ́nì kankan ò dárúkọ Raspberry Pi Pico? Akin mọ Páítọ́ọ̀nù, ó lè fi MicroPython kọ ọ́, kò ní láti kọ́ C. RP2040 ló wà lórí ẹ̀, maikirokọ́ntúrólà ni, ráàmù ẹ̀ kilobáìtì 264.

Táíwò_Ayárabíàṣá

Ehn ehn! Àmọ́ RP2040 yẹn ò ní fíláṣì nínú o, ìta ni kóòdù ẹ̀ wà, nínú ṣíìpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ̀gá Sódà, ẹ̀yin lẹ ní ká wo ohun tó kù síta. Ṣé maikiroporosẹ́sọ̀ wá ni?

Ọ̀gá_Sódà

O mú mi. Èmi á ṣì pè é ní maikirokọ́ntúrólà, torí ráàmù ẹ̀ wà nínú ẹ̀, tàímà ẹ̀, ohun tó ń ka fóòtì, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀, kóòdù rẹ nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwọ̀nba fíláṣì yẹn nìkan ló kù síta. i.MX RT1060 tí mo dárúkọ lókè náà bẹ́ẹ̀ ló rí.

Táíwò_Ayárabíàṣá

Nítorí náà kì í ṣe ohun tó wà nínú ẹ̀ nìkan.

Adé_Línúùsì

Tèmi ni pé èyí tí kò bá lè gbé Línúùsì gidi, maikirokọ́ntúrólà ni.

Ọ̀gá_Sódà

Z80 ò lè gbé Línúùsì. 

Akin_Mọ́níyà

Ẹ máa bá a lọ o, èmi ń wá bí mo ṣe máa gbé sẹ́nsọ̀ yìí sókè. Wọ́n ní kì í rí ohun tó bá sún mọ́ ọn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 lọ, ọmọrí tánkì wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi tó bá kún. Ṣé páìpù ni kí n fi gbé e ga kọjá ọmọrí, àbí ìró á máa lu ara páìpù?

Ọmọ_Píkò

Á lù ú tí páìpù bá tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó fẹ̀ ni kó o lò, ínṣì 4 kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kó o sì kọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú garawa omi nísàlẹ̀ kó o tó gùn òkè.